Ìlàjà tàbí àbítíréṣọ̀n: bí oníṣòwò méjì ṣe lè parí aáwọ̀ láì dé kóòtù

Onígò kan ta ìgò 60,000 fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe òróró ìpara. Orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Sẹ́ǹtì 80 ni ìgò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀, gbogbo owó ọjà sì jẹ́ 48,000 dọ́là. Olóròóró san 19,200 ṣáájú, ó ku 28,800. Ìgbà tí ọjà dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ òróró sínú rẹ̀, ni wọ́n rí i pé ọmọrí 18,000 nínú ìgò náà kò dé dáadáa. Tí wọ́n bá dojú irú ìgò bẹ́ẹ̀ délẹ̀ fún wákàtí kan, òróró á ti máa sun jáde lọ́rùn rẹ̀. Àwọn oníbàárà dá ọjà padà. Olóròóró ní òun ò san owó kankan mọ́. Onígò ní pípé ni ọjà òun pé nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun, pé ẹ̀rọ tí olóròóró fi ń dé ìgò ló ń fún ọmọrí jù.

Àpẹẹrẹ ni mo fi èyí ṣe, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ló ń wáyé jù láàárín àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn: ọjà dé, àbùkù wà lára rẹ̀, owó há, kò sì sí ẹni tó purọ́ tán tàbí tó sọ òótọ́ tán. Òun ni màá fi tọ́ yín sọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ta ló máa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn?

Nínú èdè wa, "ìlàjà" ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe ìlàjà àti àbítíréṣọ̀n pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà kí "àwọn onílàjà" dá sí ọ̀rọ̀ náà, á rò pé bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á dìde kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ tí ìdájọ́ jáde, tí wọ́n ní kó sanwó, ló tó mọ ohun tó fọwọ́ sí.

Nínú ìlàjà, ẹni tí ẹ pè kò ní agbára láti dá ẹnikẹ́ni láre tàbí lẹ́bi. Ó ń gbọ́ tẹnu yín, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti yàrá kan dé èkejì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ẹnì kan bá ní òun kò gbà, ìlàjà parí nìyẹn, kò sì jẹ gbèsè àlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Ìdájọ́ ni àbítíréṣọ̀n ní tiẹ̀. Ẹ̀yin lẹ yan adájọ́ fúnra yín, àbítírétọ̀ ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yin náà lẹ sì fẹnu kò lórí ìlànà àti èdè tí wọ́n máa lò, àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Àbítírétọ̀ ló máa sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ìdájọ́ rẹ̀ sì de ẹni tó wù ú àti ẹni tí kò wù ú. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé òwe yẹn kan àbítíréṣọ̀n pẹ̀lú, nítorí ẹnì kan máa borí níbẹ̀, ẹnì kan máa pòfo.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ìwé àdéhùn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí

Kí ẹ tó yan ọ̀nà kankan, ẹ gbé ìwé àdéhùn yín jáde, kí ẹ lọ sí apá ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ nípa aáwọ̀ máa ń wà. Bóyá ẹ ti yan ọ̀nà tẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Bí ìwé bá sọ pé àbítíréṣọ̀n ni wọ́n máa fi parí aáwọ̀, ẹnì kan kò lè dá nìkan yí i padà sí kóòtù. Bí ẹnìkejì yín bá sì ti sáré lọ pè yín lẹ́jọ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹjọ́ náà. Òfin àwòkọ́ṣe tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 1985, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbé òfin tiwọn lé, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù dá ọ̀rọ̀ padà sí àbítíréṣọ̀n gbọ́dọ̀ béèrè fún un, ó pẹ́ tán, nígbà tó bá ń fi èsì rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí kókó ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti wọnú àwíjàre kó tó rántí, ó ti pẹ́ jù fún un.

Bí ìwé kò bá sọ nǹkan kan, kò burú. Ẹ ṣì lè fẹnu kò lórí ìlàjà tàbí àbítíréṣọ̀n lẹ́yìn tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòro ju ìgbà tí inú gbogbo yín ṣì dùn.

Ẹ tún ṣírò ọjọ́. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọdún tí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè fi lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, bí ó bá sì ti kọjá, ẹ̀tọ́ náà di òkú. Níbi púpọ̀, pé ẹ ń sọ̀rọ̀ ìlàjà kò dá ọjọ́ náà dúró. Bí ó bá ti ń sún mọ́ tòsí, ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà kí kíka ọjọ́ dúró títí ìlàjà á fi parí, kí ẹ sì bi agbẹjọ́rò bóyá òfin ibẹ̀ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ àbítíréṣọ̀n, kí ẹ wá dá a dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rí. Èyí ni mo ń rọ gbogbo èèyàn lé lórí jù. Nínú ọ̀rọ̀ olóròóró wa, ohun tó máa pinnu gbogbo nǹkan ni ọmọrí ìgò fúnra rẹ̀, ìgò tó ń jò sì ni ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ máa ń kó dànù. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó kọ̀wé sí onígò pé kó rán ẹnì kan wá lọ́jọ́ báyìí, kí àwọn méjèèjì jọ mú 200 ìgò láti inú páálí oríṣiríṣi, kí wọ́n kó o sínú àpótí, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí wọ́n fọwọ́ sí ojú ibi tí wọ́n lẹ̀, kí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Bí onígò kò bá wá, kí ó ṣe é níwájú ẹlòmíràn tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kó sì tọ́jú lẹ́tà tó fi pe onígò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ímeèlì, ìwé owó, àti ìwé àyẹ̀wò ọjà. Èèyàn tó wá síbi ìlàjà láìní ẹ̀rí, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá

Ẹ bi ara yín léèrè: bí mo bá jàre pátápátá, kí ni mo máa rí gbà? Àbítírétọ̀ lè ní kí wọ́n sanwó, ó lè sọ pé àdéhùn ti bàjẹ́, ó lè fi èlé sí i. Kò lè sọ pé kí onígò tún máa tajà fún olóròóró lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì lè dín owó ọjà tí wọn ò tíì rà kù. Inú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tó wà nínú ìwé ló ti ń dájọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń wá wà níwájú, tí kò sí lẹ́yìn, ìlàjà nìkan ló lè fún yín.

Ẹ wo ẹni tí ẹ ń bá jà pẹ̀lú. Ìlàjà nílò ẹni tó ṣe tán láti sọ̀rọ̀. Bí ẹni náà bá ti ń kó owó àti dúkìá rẹ̀ pamọ́, tí kì í gbé fóònù, tó kàn ń fi ìpàdé dọ́gbọ́n ra àkókò, ẹ máa lọ tààrà síbi àbítíréṣọ̀n. Ẹ tún lè gba kóòtù lọ fún àṣẹ pàjáwìrì pé kí wọ́n má fọwọ́ kan dúkìá náà. Òfin àwòkọ́ṣe tí mo sọ yẹn kò ka irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí pé ẹ ti kọ àbítíréṣọ̀n sílẹ̀.

Ibì kan sì wà tí ìlàjà kò ti yẹ rárá, ìyẹn ni bí ẹ bá nílò ìdáhùn sí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé tó máa kan ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọjà mìíràn. Ẹ nílò ẹni tó máa sọ pé báyìí ni, kì í ṣe pé ẹ pín in sí méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tàwọn tiwa. Onígò ń béèrè 28,800. Olóròóró ní owó ìgò 18,000 tó bàjẹ́ jẹ́ 14,400, òfò ọjà tí wọ́n dá padà sì jẹ́ 9,000, nítorí náà 5,400 péré ni òun jẹ. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí gan-an jẹ́ 23,400. Bí wọ́n bá gbé e lọ síwájú àbítírétọ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú lọ́yà lọ́tùn-ún lósì àti onímọ̀ ẹ̀rọ tó máa yẹ ọmọrí wò, ìnáwó rẹ̀ lè jẹ gbogbo owó náà tán. Àwọn méjèèjì ṣì nílò ara wọn. Ìlàjà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dán wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ìlàjà ṣe ń lọ

Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí ẹnìkejì. Ẹ má ṣe fi ẹ̀sùn kún un. Ẹ kàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn mélòó kan, kí ẹ dárúkọ olùlàjà méjì tàbí mẹ́ta tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú yín tan, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ tó máa fèsì. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìlàjà máa ń ní àkọsílẹ̀ orúkọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ọjà àti ẹ̀rọ, ẹ wá ẹni tó mọ òwò. Ẹni tó mọ òfin nìkan á pẹ́ kó tó lóye ohun tí ọmọrí ń ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ẹ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìlàjà. Ohun pàtàkì inú rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ níbẹ̀, àti iye tí ẹnì kan bá ní òun lè gbà, kò gbọ́dọ̀ jáde síbi ìdájọ́ kankan lẹ́yìn náà. Láìsí èyí, kò sí ẹni tó máa sọ òótọ́. Ẹ kọ iye owó olùlàjà àti bí ẹ ṣe máa pín in sínú rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ìlàjà máa parí. Ọgbọ̀n ọjọ́ tó fún irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó bá wá jókòó gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé. Ìlàjà púpọ̀ ti wó ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní òun máa lọ bi ọ̀gá òun.

Gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ jókòó pọ̀, kálukú á rojọ́ tirẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Lẹ́yìn náà ni olùlàjà á yà wọ́n sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Inú yàrá wọ̀nyí ni iṣẹ́ gidi ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo onígò wa níbẹ̀. Olùlàjà, obìnrin kan tó ti ṣe òwò ike rí, ti ilẹ̀kùn, ó jókòó tì í, ó ní: "Ọ̀gá, bí wọ́n bá yẹ ọmọrí yìí wò níwájú àbítírétọ̀, kí lẹ rò pé wọ́n máa rí?" Onígò dákẹ́ díẹ̀. Ó yọ ọmọrí méjì jáde látinú àpò rẹ̀, ó yí wọn sójú ìmọ́lẹ̀. Ìlà ìyípo inú ọ̀kan lọ dé ìsàlẹ̀, ti èkejì dúró lójijì kó tó débẹ̀. Ó ní mọ́ọ̀dù kan nínú mẹ́ta tí àwọn fi ń ṣe ọmọrí ti jẹ. Obìnrin náà bi í pé: "Ṣé mo lè sọ èyí fún wọn?" Ó ní rárá, mà. "Kí wá ni mo lè sọ?" Ó ronú, ó ní: "Ẹ sọ pé mo lè fún wọn ní ọmọrí tuntun 18,000, láìgba owó."

Ó tó sẹ́ǹtì 6 tí yóò ná onígò lórí ọmọrí kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,080 dọ́là. Ohun tí olóròóró ń pè ní òfò 14,400, onígò lè fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan tún un ṣe. Nínú yàrá kejì, olóròóró jẹ́wọ́ pé ìgò wọ̀nyẹn ṣì wúlò bí òun bá rí ọmọrí tó dé, pé òun tún nílò ìgò 40,000 sí i láàárín oṣù mẹ́ta, àti pé ibòmíràn tí òun ti béèrè gbówó lórí. Kò fẹ́ kí onígò gbọ́ apá tó kẹ́yìn yẹn, olùlàjà sì pa á mọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbà báyìí: onígò á kó ọmọrí tuntun 18,000 ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 21, á sì dín 4,800 kúrò nínú owó tó kù nítorí ọjà tí wọ́n dá padà. Olóròóró á san 24,000: á san 18,000 láàárín ọjọ́ méje tí wọ́n fọwọ́ síwèé, á sì san 6,000 tó kù lẹ́yìn tí ọmọrí bá dé tí kò sì jò. Ó tún máa ra ìgò 40,000 ní sẹ́ǹtì 76 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí àbítírétọ̀ kan tó lè dá irú ẹjọ́ yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé tó máa dúró

Ẹ má ṣe lọ sílé kí ẹ tó kọ ọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹnì kan á ti bá ìyàwó rẹ̀ tàbí alábàáṣe rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ á sì ti yí padà.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé ni ẹni tó máa ṣe kí ni, lọ́jọ́ wo, iye tó jẹ́, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe é. "Olóròóró á san 6,000 bí ọmọrí bá dára" á tún bí ìjà mìíràn, torí ta ló máa sọ pé ó dára? Ohun tí wọ́n kọ ni pé wọ́n á mú ìgò 100 láìṣà á, wọ́n á rọ òróró sí i, wọ́n á dé e, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀ fún wákàtí kan. Bí èyí tó jò nínú rẹ̀ kò bá ju méjì lọ, wọ́n á sanwó láàárín ọjọ́ márùn-ún.

Níbí ni ìyàtọ̀ tó burú jù láàárín ọ̀nà méjèèjì wà, kì í sì í hàn títí ẹnì kan á fi kọ̀ láti sanwó. Ìwé ìlàjà, bó ṣe wà, àdéhùn lásán ni. Bí olóròóró bá da 6,000 dúró, ńṣe ni onígò á tún gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú adájọ́ pé ó da àdéhùn. Àmọ́ ìdájọ́ àbítíréṣọ̀n ní Àdéhùn Níú Yọ́ọ̀kì ti ọdún 1958 lẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè tó ti wọ inú rẹ̀ ju 170 lọ, kóòtù orílẹ̀-èdè wọ̀nyí sì gbọ́dọ̀ mú ìdájọ́ náà ṣẹ láì tún ẹjọ́ náà gbọ́, àfi bí ọ̀kan nínú ìdí díẹ̀ tí àdéhùn náà kà sílẹ̀ bá wà.

Bí ẹ ṣe máa fún ìwé ìlàjà ní agbára nìyí. Bí àbítíréṣọ̀n bá ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó parí ìjà, ẹ lè ní kí àbítírétọ̀ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́. Agbára kan náà ló ní pẹ̀lú ìdájọ́ yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn tó ti parí ìjà tán kí wọ́n tó wá àbítírétọ̀ tó máa lù ú ní òǹtẹ̀ lè bá ìṣòro pàdé, torí níbòmíràn wọ́n á béèrè pé aáwọ̀ wo ló kù tí ẹ fẹ́ kó dá sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bẹ̀rẹ̀ àbítíréṣọ̀n ná, tí wọ́n á dá a dúró kí wọ́n lọ ṣe ìlàjà, tí wọ́n á sì gbé àdéhùn padà wá fún ìdájọ́.

Ọ̀nà kejì ni Àdéhùn Singapọ́ọ̀ lórí ìlàjà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Ó gba kí kóòtù orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ mú ìwé ìlàjà òwò láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ṣẹ tààrà. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ kéré gan-an sí ti Níú Yọ́ọ̀kì, nítorí náà ẹ wò ó bóyá ibi tí dúkìá ẹnìkejì yín wà ti wọ̀ ọ́. Ó béèrè fún ẹ̀rí pé ìlàjà ló bí ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí olùlàjà fọwọ́ sí i kó tó dìde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ìlàjà bá forí ṣánpọ́n

Ká ní onígò kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọrí òun kò ní àbùkù. Àbítíréṣọ̀n ló kù. Ẹ lè lọ bá ilé iṣẹ́ àbítíréṣọ̀n kan, kó bá yín ṣètò gbogbo rẹ̀, tàbí kí ẹ ṣe é fúnra yín nípa ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1976, tí wọ́n sì tún ṣe lẹ́yìn náà. Ìlànà yìí ni màá tẹ̀ lé níbí.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìfilọ̀. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fa ọ̀rọ̀ inú àdéhùn tó fún yín láṣẹ yọ, ẹ sọ aáwọ̀ náà ní ṣókí, iye owó tó wà níbẹ̀, ohun tí ẹ ń béèrè, àti iye àbítírétọ̀, èdè àti ìlú ìjókòó tí ẹ dábàá, ìyẹn ìlú tí kóòtù rẹ̀ máa lágbára lórí àbítíréṣọ̀n náà. Ọjọ́ tí ẹnìkejì bá gba ìwé yìí lọ́wọ́ ni àbítíréṣọ̀n bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́, nítorí náà ẹ tọ́jú ẹ̀rí pé ó gbà á. Òun náà ní 30 ọjọ́ láti fèsì.

Ẹ rí i dájú pé ẹ fẹnu kò lórí àbítírétọ̀ kan ṣoṣo láàárín 30 ọjọ́ náà. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, mẹ́ta ni ìlànà máa fún yín, ẹ̀yin lẹ sì máa sanwó wọn.

Ẹ má ṣe gba olùlàjà yín láti di àbítírétọ̀, bó ti wù kí inú yín dùn sí i tó. Ẹ rántí ọmọrí méjì tí onígò yọ látinú àpò. Obìnrin náà ti mọ̀ nípa mọ́ọ̀dù tó jẹ, olóròóró kò mọ̀ pé ó mọ̀, onígò kò sì lè fèsì sí ohun tí kò sí nínú ẹ̀rí. Àwa la ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdájọ́ tó bá ti ibẹ̀ jáde lè wó. Ẹni tí ẹ bá yàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ gbogbo ohun tó so ó pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, kódà bó jẹ́ pé ó ti bá ọ̀kan nínú yín ṣiṣẹ́ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ẹ̀sùn, ìwé àwíjàre, ẹ̀rí, ẹlẹ́rìí àti onímọ̀. Àpótí ìgò 200 tí wọ́n lẹ̀ pa yẹn ló máa ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà. Bí owó kò bá pọ̀, ẹ lè fẹnu kò pé kí àbítírétọ̀ fi ìwé nìkan dá a.

Nígbà tí ìdájọ́ bá jáde, ẹ kà á lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ìṣirò bá ṣì níbì kan, 30 ọjọ́ lẹ ní láti béèrè àtúnṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù ìlú ìjókòó fagi lé ìdájọ́ náà ní oṣù mẹ́ta lábẹ́ òfin àwòkọ́ṣe, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì fún un ní iye ọjọ́ mìíràn. Kì í ṣe pé kó lọ sọ pé àbítírétọ̀ kò rí òótọ́. Ohun tó lè sọ ni pé wọn ò fún òun láyè láti rojọ́, tàbí pé wọn ò yan àbítírétọ̀ bí ìwé ṣe wí, tàbí pé ó dájọ́ lórí ohun tí wọn kò gbé síwájú rẹ̀, àti irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ tí kò dára, tí wọ́n sì tẹ̀ lé ìlànà láti dá, máa dúró. Ẹni tí kò bá lè fara mọ́ èyí, kó ronú dáadáa kó tó fọwọ́ sí àbítíréṣọ̀n.

Ní ti owó ìnáwó, ìlànà yìí gbé e lé ẹni tó bá jẹ̀bi lórí, àmọ́ àbítírétọ̀ lè pín in bó bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ló tọ́. Bí ọ̀rọ̀ ọmọrí ṣe rí, tí àbùkù wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí olóròóró náà mú gbogbo owó dání, pípín ló jọ pé ó máa jẹ́.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn yín tó ń bọ̀

Onígò àti olóròóró kọ ìwé tuntun fún ìgò 40,000. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò fi ọ̀rọ̀ aáwọ̀ sí ìkẹyìn, wọn ò sì kọ ọ́ ní ìkánjú. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

"Bí aáwọ̀ kankan bá ti inú àdéhùn yìí jáde tàbí tó bá jẹ mọ́ ọn, àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ sí ìlàjà. Bí ìlàjà kò bá parí rẹ̀ láàárín 30 ọjọ́ sí ìgbà tí ọ̀kan nínú wa kọ̀wé béèrè fún un, àbítíréṣọ̀n ni a gbọ́dọ̀ fi parí rẹ̀ pátápátá. Àbítírétọ̀ kan ṣoṣo ni a máa lò, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ṣe ìlàjà náà."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ ìlànà tí wọ́n máa lò, ìlú ìjókòó, èdè, òfin tó ń darí àdéhùn náà, àti ẹni tó máa yan àbítírétọ̀ bí wọn ò bá fẹnu kò. Ìlú ìjókòó kì í ṣe ibi ìpàdé lásán. Kóòtù ibẹ̀ ló lágbára lórí àbítíréṣọ̀n náà, kí ẹ yan orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Níú Yọ́ọ̀kì.

"Gbọ́dọ̀" ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ibi, kò sí "lè". Ìwé tó bá sọ pé àwọn méjèèjì "lè" lọ sí àbítíréṣọ̀n ti ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ sọ pé òun ò fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ìlàjà tàbí àbítíréṣọ̀n", tí kò sọ èwo, àti orúkọ ilé iṣẹ́ ìlàjà tí ẹnì kan gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan, tí kò sí níbì kankan. Ẹ wá orúkọ náà, kí ẹ kọ ọ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń kọ ọ́, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ọgbọ̀n ọjọ́ tó wà níbẹ̀ náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí kò bá sí, ẹni tó jẹ gbèsè á ní ìlàjà ṣì ń lọ lọ́wọ́, á máa sún ìpàdé síwájú, ẹ kò sì ní lè bẹ̀rẹ̀ àbítíréṣọ̀n.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni ọmọrí tuntun dé. Wọ́n dojú ìgò 100 délẹ̀ lórí páálí funfun, kí àbàwọ́n òróró lè hàn. Nígbà tí wákàtí kan pé, ẹyọ kan ṣoṣo ló ti rin páálí.